Ṣé O Mọ̀ Pé Ọwọ́ Aago Lè Tú Àṣírí Ayédèrú?

Wo aago ọwọ́ rẹ ná. Ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, ṣé ó ń fò ni àbí ó ń yọ́ lọ?

Tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló sábà máa ń gbé e rìn. Òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúọ́tìsì ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ṣé o mọ iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan? Ìgbà 32,768!

Pín in sí méjì. Tún un pín sí méjì. Ṣe é títí di ìgbà 15, ẹyọ kan péré ni yóò kù. Ẹyọ kan yẹn ni ìfò tí ojú rẹ ń rí.

Aago oní-sípíríǹgì wá ńkọ́? Rólẹ́ẹ̀sì òde òní sábà máa ń lù ní ìgbà 28,800 láàárín wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn, ojú kì í sì í lè kà á.

Ó yà ọ́ lẹ́nu? Gbọ́ èyí: gbígbọ̀n kúọ́tìsì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo pọ̀ ju lílù Rólẹ́ẹ̀sì ní odindi wákàtí kan lọ!

Séíkò ló kọ́kọ́ gbé aago ọwọ́ kúọ́tìsì sọ́jà, ní Tókíò, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1969. Iye rẹ̀? 450,000 yẹ́ẹ̀nì. Owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mọ́tò Tóyótà Kọ̀rólà nígbà yẹn! Lónìí, kúọ́tìsì wà nínú aago tó pọ̀ jù lórí igbá àwọn tó ń tà á lójú títì.

Ó dáa, ẹnì kan na Rólẹ́ẹ̀sì tuntun sí ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú ni! Rólẹ́ẹ̀sì ò ṣe oníbátìrì mọ́. Ó ti ṣe é rí o, bẹ̀rẹ̀ láti 1970, ṣùgbọ́n kúọ́tìsì wà lára orúkọ tí wọ́n kọ sójú ọ̀pọ̀ irú aago bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá ń yọ́ lọ, má tíì sanwó. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń fi ẹ̀rọ oní-sípíríǹgì sínú tiwọn, àwọn míì tiẹ̀ ń lù ní 28,800 gan-an! Tó bá ní gíláàsì kékeré tó yọ gọ̀ǹgọ̀ lórí déètì, wò ó dáadáa. Ti ojúlówó ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ti ọ̀pọ̀ ayédèrú ò tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà á kàn ṣẹ́kù tín-ín-ntín láàárín. Tó bá ṣì ń ṣe ọ́ kàyéfì, ẹni tó ń tún aago ṣe ni kó bá ọ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kó wo ẹ̀rọ náà.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni Rólẹ́ẹ̀sì Détónà. Ọwọ́ gígùn àárín rẹ̀ dúró gbagidi, kò mira! Ṣé ó ti kú ni? Rárá o! Ọwọ́ yẹn kì í rìn àfi tí o bá tẹ bọ́tìnnì òkè. Nínú àwọn tó ti jáde láti ọdún 2000, ojú roboto kékeré tó wà ní apá aago mẹ́fà ló ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ayédèrú olówó pọ́ọ́kú, ọwọ́ gígùn yẹn lè máa sáré kiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, kí ojú kékeré náà sì máa ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀!