Àtẹ̀jáde ìṣáájú: Kí ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó gba àbájáde ìwádìí tí jọ́nà kò tíì tẹ̀ gbọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana, FDA, kéde ní ìlú Accra pé òun ti fọwọ́ sí àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21, fún àwọn ọmọ tó ti pé oṣù márùn-ún títí dé oṣù mẹ́rìndínlógójì. Ghana ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àjọ NAFDAC náà fọwọ́ sí i fún ìgbà díẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ka ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní rí i kà. Wọ́n ti dán àjẹsára náà wò lára nǹkan bí 4,800 ọmọdé ní Burkina Faso, Mali, Kenya àti Tanzania, àwọn aláṣẹ sì ti yẹ àbájáde rẹ̀ wò nínú fáìlì tí àwọn olùwádìí kó fún wọn. Àwọn ará ìlú kò tíì rí fáìlì yẹn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni àbájáde náà jáde sórí ayélujára gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jáde ìṣáájú. Jọ́nà Lancet wá tẹ̀ ẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2024.

Nínú gbogbo oṣù tó wà láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejì yẹn, àtẹ̀jáde ìṣáájú nìkan ni oníròyìn, dókítà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé nípa ìdánwò ńlá náà ní lọ́wọ́. Báwo ló ṣe yẹ kí ènìyàn kà á?

Kí ni àtẹ̀jáde ìṣáájú?

Bí olùwádìí bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olóòtú jọ́nà náà yóò fún àwọn onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò bá a ṣe iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè ní kí ó tún ìṣirò kan ṣe, kí ó dín ọ̀rọ̀ àṣọdùn kù, tàbí kí ó lọ wá ẹ̀rí sí i. Èyí ni àyẹ̀wò akẹgbẹ́, ó sì lè gba oṣù púpọ̀.

Àtẹ̀jáde ìṣáájú ni ìwé yẹn kan náà, tí olùwádìí gbé sí gbangba kí àyẹ̀wò náà tó parí, tàbí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń ṣe é lórí arXiv láti ọdún 1991. Ti àwọn onímọ̀ ohun abẹ̀mí, bioRxiv, dé ní ọdún 2013, medRxiv tó wà fún ìṣègùn sì tẹ̀lé e ní ọdún 2019. AfricArXiv, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, wà fún iṣẹ́ àwọn ará Áfíríkà, ó sì ń gba ìwé tí a kọ ní èdè Áfíríkà.

Àwọn tó ń mójútó irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ ìwé wò lóòótọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, bóyá wọn kò jí i kọ, àti bóyá ó lè ṣe ará ìlú ní jàǹbá. Wọn kì í sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ tọ̀nà.

Orúkọ tó ń ṣi ni lọ́nà

R21 ti gba ọ̀nà yìí rí ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Oxford àti ẹ̀ka ìwádìí tó wà ní Nanoro ní Burkina Faso gbé àbájáde ìdánwò kékeré kan jáde, tí wọ́n ṣe lára 450 ọmọdé. Orí ojú òpó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Preprints with The Lancet" ni wọ́n gbé e sí. Inú SSRN ni ojú òpó náà wà, kì í ṣe inú jọ́nà Lancet. Ìwé tó bá wà níbẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ àwọn ayẹ̀wéwò jọ́nà, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń kánjú yóò rí ọ̀rọ̀ "Lancet", yóò sì kọ ọ́ pé Lancet ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lancet tẹ̀ ẹ́ nítòótọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Bí ẹ bá gbé àkọlé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ kan tó kéré lójú. Àkọlé àtẹ̀jáde ìṣáájú sọ pé agbára "gíga" ni àjẹsára náà ní. Nínú jọ́nà, ọ̀rọ̀ "gíga" ti kúrò níbẹ̀, ó ku "agbára" nìkan. Òǹkà pàtàkì tó wà nínú ìwé náà, ìdá 77 nínú 100, kò yí padà, ṣùgbọ́n àkọlé ti rọlẹ̀.

Kí ni ìdá 77 nínú 100 yẹn túmọ̀ sí?

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ìròyìn ti máa ń ṣìnà, yálà jọ́nà ti tẹ ìwé náà tàbí kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ka ọmọ gan-an. Nínú ìsọ̀rí tó gba àjẹsára pẹ̀lú èròjà amárale tó pọ̀ jù, ọmọ 38 nínú 146 ni ibà ṣe láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú ìsọ̀rí ìfiwéra, tí wọ́n fún ní àjẹsára àrùn dìgbòlugi dípò ti ibà, ọmọ 105 nínú 147 ni ibà ṣe. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ọmọ 26 nínú 100 ní ìhà kan, àti 71 nínú 100 ní ìhà kejì.

Bí ẹ bá fi 26 wé 71, àdínkù tí ẹ ó rí jẹ́ nǹkan bí ìdá 64 nínú 100, kì í ṣe 77. Kò sí ẹni tó parọ́. Àwọn olùwádìí kò ka iye ọmọ tó ṣàìsàn nìkan, wọ́n tún wo bí àìsàn náà ṣe yára mú wọn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àwọn ọmọ tí ibà kò tíì ṣe ní ìhà kìíní wé irú wọn ní ìhà kejì, láti mọ ìhà tí ibà ti ń yára mú wọn. Níbi tí ibà ti gbòde, ọ̀nà ìṣirò yìí máa ń fúnni ní òǹkà tó ga ju ti kíka orí lásán lọ. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí oníròyìn kọ ọ́ pé ọmọ 77 nínú 100 kò ní ní ibà mọ́.

Ohun kejì ni àlàfo tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà náà: láti 67 títí dé 84. Ìdánwò ọmọ 450 kò tóbi, nítorí náà òǹkà tòótọ́ lè wà níbikíbi nínú àlàfo yẹn. Ìròyìn ìgbà náà ń pariwo pé R21 ti kọjá ìdá 75 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń lépa. Ẹsẹ̀ àlàfo náà ṣì wà nísàlẹ̀ 75.

Ohun kẹta ni ibi àti àkókò. Ìlú kan ni, wọ́n sì fún àwọn ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kété kí àkókò tí ibà máa ń pọ̀ tó dé. Nígbà tí ìdánwò ńlá wá parí, agbára àjẹsára náà láàárín oṣù méjìlá jẹ́ ìdá 75 níbi tí wọ́n ti fún un bẹ́ẹ̀, àti ìdá 68 níbi tí wọ́n ti fún un nígbàkígbà nínú ọdún. Gbogbo ohun tí ènìyàn nílò láti fura sí èyí ti wà nínú ìwé ọdún 2021.

Nígbà tí àtẹ̀jáde ìṣáájú bá burú

R21 já sí rere. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan ní Íjíbítì gbé ìwé kan sórí ojú òpó Research Square, wọ́n ní oògùn ivermectin, tí a mọ̀ ní ẹkùn wa nítorí àrùn ìfọ́jú etí odò, ń dín ikú àrùn Kòrónà kù ní ìdá tó lé ní 90 nínú 100. Àwọn onímọ̀ mìíràn kó òǹkà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ìwádìí mìíràn, èyí sì mú kí oògùn náà dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní London ló tú àṣírí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé wọ́n ṣe àdàkọ àwọn gbólóhùn kan láti inú ìwé ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣí dátà rẹ̀, ó rí àwọn aláìsàn tí wọ́n ti kú kí ọjọ́ tí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ tó pé. Wọ́n yọ ìwé náà kúrò ní oṣù Keje ọdún 2021, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ.

Jọ́nà pàápàá kò mọ́ tán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Lancet tẹ ìwádìí kan lórí hydroxychloroquine pẹ̀lú dátà iléeṣẹ́ Surgisphere, wọ́n sì fà á padà ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fìdí dátà náà múlẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì tọ́ka sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo òkè ojú ìwé náà. Ìkìlọ̀ máa ń wà níbẹ̀ bí wọn kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìlà tó ń darí yín sí jọ́nà bí jọ́nà kan bá ti tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ "withdrawn". Lórí medRxiv, ẹ ó rí v1, v2 tàbí v3, tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ ka èyí tó kẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ ìdánwò oògùn, ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ti ìdánwò ńlá R21 ni NCT04704830. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ClinicalTrials.gov, ẹ ó rí ohun tí àwọn olùwádìí sọ níbẹ̀ pé àwọn yóò wọ̀n. Bí ohun tí wọ́n wá ròyìn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí i, ẹ béèrè ìdí. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n gbé dátà wọn sílẹ̀. Òun ló jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ London yẹn rí ohun tó rí.

Nínú ìtọ́kasí, ẹ kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ọ̀rọ̀ "preprint" gedegbe, orúkọ ojú òpó, ẹ̀dà tí ẹ kà, ọjọ́ tí ó jáde àti nọ́ńbà DOI. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ti SSRN máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.2139, nígbà tí ti R21 nínú Lancet bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.1016. Bí jọ́nà bá ti tẹ ìwé náà, ti jọ́nà ni kí ẹ tọ́ka sí, àfi bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yí padà láàárín méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ "gíga" tó kúrò nínú àkọlé. Lórí rédíò, níbi tí kò ti sí àyè fún nọ́ńbà, gbólóhùn kan tó: "ìwádìí yìí kò tíì kọjá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ mìíràn." Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó dárúkọ òǹkà náà, nítorí bó bá kẹ́yìn, òǹkà yẹn ni olùgbọ́ ti gbé lọ.