401 àti 403: Èwo Ló Yẹ Kí Sáfà Fi Dáhùn?

Nígbà tí sáfà bá kọ̀ láti ṣí ojúewé kan fún wa, ó máa ń fi nọ́ńbà sọ ìdí rẹ̀. 401 ń sọ pé: "N kò tíì mọ̀ ọ́." 403 ń sọ pé: "N kò ní ṣe é fún ọ." Àwọn tó ń kọ áàpù pàápàá máa ń ṣi méjèèjì lò fún ara wọn, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ àwọn tó ń lo áàpù náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé-ìwé kan tó ń gbé èsì ìdánwò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Ṣadé, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, bá tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, sáfà á fún áàpù rẹ̀ ní àmì ìdánimọ̀ tí yóò máa fi hàn ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè nǹkan. Ká ní ìṣẹ́jú 15 ni àmì náà fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, Ṣadé fẹ́ wo èsì ara rẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i, àmọ́ àmì ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ìdáhùn tó yẹ nìyí:

```
HTTP/1.1 401 Unauthorized
WWW-Authenticate: Bearer error="invalid_token"
```

Ìlànà RFC 9110, tó jáde ní 2022, sọ ọ́ di dandan pé kí 401 máa gbé ìlà `WWW-Authenticate` yẹn dání, nítorí òun ló ń sọ irú ẹ̀rí tí sáfà ń fẹ́. Áàpù á gba àmì tuntun, á tún béèrè, èsì á sì jáde.

Lẹ́yìn náà ni Ṣadé tẹ ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣàtúnṣe máàkì. Àmì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, sáfà sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. 403 ló tọ́ sí i. Kò sí iye ìgbà tó lè tún wọlé tí ìyẹn á fi yí padà, àfi bí ilé-ìwé bá fún un láṣẹ.

Bí sáfà bá fi 401 dáhùn níbí, áàpù á máa gba àmì tuntun lásán, tàbí kó máa dá Ṣadé padà síbi páásíwọ́ọ̀dù, títí yóò fi rò pé òun ti gbàgbé é. Nínú àkọsílẹ̀ sáfà, ẹ ó rí i pé ó wọlé láìsí wàhálà, tí 401 sì ń tẹ̀ lé e lójú ewé kan náà léraléra. Bó bá sì jẹ́ 403 ni sáfà fi dáhùn nígbà tí àmì rẹ̀ kú, yóò máa pe ilé-ìwé láti tọrọ àṣẹ tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí sáfà kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń béèrè, kó tó wo ohun tí onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ibì kan wà tí 403 pàápàá ti ń tú àṣírí. Bí Ṣadé bá wá lẹ́tà ìbáwí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, 403 lè jẹ́ kó mọ̀ pé lẹ́tà náà wà. RFC 9110 gba sáfà láyè láti fi 404 dáhùn, bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí GitHub ń ṣe nìyẹn fún iṣẹ́ tí oníṣẹ́ kò fẹ́ kí gbogbo ayé rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ bá ti lẹ́tà tí kò sí rárá mu délẹ̀délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ni yóò tú àṣírí ọ̀hún.