Ìṣàpèjúwe ara sísú láìsí àwòrán

Ìṣàpèjúwe ara sísú ni fífi ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìkọ̀wé sọ bí ohun tí ó sú sí awọ ara ènìyàn ṣe rí, kí oníṣègùn tí kò fi ojú rí i lè mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Ó máa ń di dandan nígbà tí ara tí ó sú bá ti pòórá kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, tí àwòrán tí ó yà sórí fóònù rẹ̀ sì ti sọnù. Irú ara sísú tí èyí wọ́pọ̀ sí jù ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọtikéríà: awọ yóò wú pẹ̀lẹ́bẹ́, yóò máa yún, yóò sì pòórá láàárín wákàtí díẹ̀ láìfi àpá sílẹ̀.

## Ohun tí ó yẹ kí ìṣàpèjúwe sọ

Orúkọ àrùn kì í ṣe ìṣàpèjúwe. Bí ènìyàn bá ní "làpálàpá ni ó mú mi," ó ti ṣe ìdájọ́ kí ó tó jẹ́rìí. Bí ó bá sì ní ohun kan yọ sí òun lára tí ó rí róbótó, tí etí rẹ̀ ga, tí ó ní ìpẹ́, tí àárín rẹ̀ sì mọ́, oníṣègùn lè fúnra rẹ̀ ronú sí i.

Ohun àkọ́kọ́ ni bí ó ṣe rí lábẹ́ ìka. Ǹjẹ́ àwọ̀ ara nìkan ni ó yí padà tí ojú ibẹ̀ sì tẹ́jú, àbí ó ga sókè? Bí ó bá ga, ṣé ó le, àbí omi tàbí ọyún wà nínú rẹ̀? Ṣé ó dán, àbí ó há, tí ìpẹ́ ń ṣí lára rẹ̀?

Ohun kejì ni ìwọ̀n àti ibi tí ó wà. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó dára láti fi wọ̀n ọ́n: orí abẹ́rẹ́, hóró ẹ̀wà, tàbí ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 3. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì, ibi tí ó tàn dé náà ṣe pàtàkì, títí kan ibi tí kò sú rárá.

Ohun kẹta ni àkókò: ìgbà tí ó yọ, bí ojú kan ṣe pẹ́ tó kí ó tó pòórá, àti ohun tí ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìmọ̀lára, nítorí ohun tí ń yún yàtọ̀ sí ohun tí ń ta tàbí ohun tí ń dunni.

Àwọ̀ ni ó yẹ kí a fi ṣe ẹ̀yìn. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú, ohun tí àwọn ìwé kan ń pè ní pupa lè hàn bí àwọ̀ àlùkò, bí eérú, tàbí kí ó kàn dúdú ju awọ ìyókù lọ. Wíwú ọtikéríà tilẹ̀ lè ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé "kò pupa" kò tíì sọ pé kò sí nǹkan.

## Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dé iwájú dókítà ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ní: "Ara mi sú lálẹ́ àná, ó ń yún mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù mi ti bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí ó lé ní ogún àrùn mu. Nígbà tí dókítà bi í léèrè díẹ̀díẹ̀, ó wá sọ èyí:

"Ní nǹkan bí aago 8 alẹ́, awọ ikùn mi wú pẹ̀lẹ́bẹ́ ní ojú mẹ́ta. Ó dán, kò ní omi, kò sì ní ìpẹ́. Èyí tí ó tóbi jù tó ìdérí ìgò. Mo fi báírò yí i ká, mo sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo jí ní aago 2 òru, inú àmì báírò náà ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n òmíràn ti yọ sí itan mi. Ètè mi kò wú, mo sì ń mí dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn kan fún ọ̀nà ọ̀fun ní ọjọ́ Ajé."

Àmì báírò yẹn ni ó níye lórí jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ọtikéríà, ara lè máa sú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan kì í sábà pé wákàtí 24. Bí ojú kan náà bá kọjá wákàtí 24, tí ó ń dunni ju bí ó ṣe ń yún lọ, tí ó sì fi àmì bí ẹ̀jẹ̀ dídì sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú awọ máa wú. Oníṣègùn lè ní láti gé awọ díẹ̀ láti fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wò ó. Ẹni tí kò sàmì sí ojú kan kò lè mọ̀ bóyá ti àná ni ó ń rí tàbí tuntun.

## Ìdí tí oníṣègùn fi gbọ́dọ̀ rí aláìsàn

Ìṣàpèjúwe tí ó dára ń dín iye ohun tí ó lè jẹ́ kù. Kì í dé orí ẹyọ kan. Ara tí ó ti rọlẹ̀ pàápàá ṣì ní ẹ̀rí tí a lè yẹ̀ wò. Dókítà lè fi ohun tí orí rẹ̀ kò mú fa ìlà sí ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí ojú ìlà náà bá wú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì ń yún, a mọ̀ pé fífọwọ́ra nìkan tó láti mú awọ rẹ̀ wú. Oògùn àléjì a máa fi èsì àyẹ̀wò yìí pamọ́, nítorí náà aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ bí ó bá ti lò ó.

Dókítà yóò tún wo ibi tí aláìsàn kì í sábà wò: inú ẹnu, ẹ̀yìn, àti àárín ìka ọwọ́, níbi tí kòkòrò kékeré tí ń gbẹ́ ihò sínú awọ máa ń fara pamọ́ sí. Yóò béèrè nípa oògùn ọ̀nà ọ̀fun náà, nítorí pé bí òun ni ó fa ara sísú, lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àrùn ọ̀nà ọ̀fun fúnra rẹ̀ náà lè fa ọtikéríà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ènìyàn dá ara rẹ̀ lẹ́bi oògùn kan títí ayé láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ara bá ń sú bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

## Ìgbà tí kò sí àyè ìṣàpèjúwe

Bí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí mímí ń nira, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ni kí a gbé aláìsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Bákan náà ni àmì tóótòòtó tí kì í parẹ́. A máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ife gíláàsì tí ó mọ́ gaara mọ́ ọn. Bí àmì náà bá ṣì hàn kedere lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ti jò sínú awọ. Bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn tàbí kí kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lára awọ dúdú, ó rọrùn láti rí i ní àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ pé ewu kò sí, nítorí àmì náà lè parẹ́ lábẹ́ gíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, tàbí kí ó má yọ rárá. Bí ibà bá le, tí ọrùn sì gan, a kì í dúró de ara sísú kí a tó lọ.