Ojú-Ìdọ́gba Owó Ìpolówó: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀ Láti Inú Èrè Ọjà

Ìbéèrè tí oníṣòwò tí ń polówó ọjà lórí Fesibúùkù sábà máa ń béèrè ni pé ìlọ́po mélòó owó ìpolówó ni kí òun retí kí ó padà wọlé. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó bá gbogbo ọjà mu. Inú èrè ọjà fúnra rẹ̀ ni a ti ń yọ ọ́, ó sì yẹ kí a yọ ọ́ kí a tó dá iye kankan lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó lò níhìn-ín. *Ìpadàwọlé* ni iye ọjà tí ìpolówó mú wá, tí a fi owó ìpolówó pín. Òun ni ó ń hàn lójú ẹ̀rọ bí `ROAS`. *Èrè-kù* ni ohun tí ó ṣẹ́ kù lára owó ọjà kan lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo ìnáwó tí ọjà náà fúnra rẹ̀ fà. *Ojú-ìdọ́gba* ni ìpadàwọlé tí a kò ti jèrè, tí a kò sì pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò kan ní Sábó, ní ìlú Ọ̀yọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Àpò awọ, iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ Ọ̀yọ́ mọ́ láti ìgbà pípẹ́, ni ó ń tà ní ₦20,000. Ó ra àpò náà lọ́wọ́ oníṣọ̀nà ní ₦11,000. Ó ná ₦600 lórí páálí tí a fi dì í. Ó san ₦2,000 fún owó ọkọ̀ dé Èkó. ₦400 sì ni a yọ nínú owó tí oníbàárà san. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦14,000. Èrè-kù jẹ́ ₦6,000.

```
ojú-ìdọ́gba = iye-ìtà ÷ èrè-kù
            = 20,000 ÷ 6,000 = 3.33
```

Èyí ni pé náírà kan tí ó lọ sórí ìpolówó gbọ́dọ̀ mú ọjà náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wá kí ọwọ́ tó dọ́gba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ náà *èlé* fún èrè-kù. Lọ́jà, orí iye tí a ná ni a ti máa ń ka èlé. Ẹni tí ó ná ₦14,000 tí ó sì fi ₦6,000 lé e yóò sọ pé òun jẹ èlé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 43 nínú 100. Bí ó bá fi èyí ṣírò, 2.33 ni yóò rí, yóò sì máa pàdánù lójú ara rẹ̀. Iye tí a ta ọjà ni a gbọ́dọ̀ fi èrè-kù wé, ìdá 30 nínú 100 péré sì ni.

Ìṣirò náà kò tíì tán. Láti ọdún 2022 ni Mẹ́tà, tí ó ni Fesibúùkù, ti ń gba owó-orí ìdá 7.5 nínú 100 lórí ìpolówó ní Nàìjíríà. Oníṣòwò kékeré tí kò lè gba owó-orí náà padà ń san ₦1.075 fún ₦1 tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Ojú-ìdọ́gba wa ti di 3.58.

Èyí tí ó tún wúwo jù ni ọjà tí a dá padà. Bí oníbàárà kò bá ní sanwó títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ lè ka ìbéèrè mẹ́wàá nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́sàn-án ni ó sanwó. Lójú ẹ̀rọ, ₦200,000 ni ó wọlé. Ní tòótọ́, èrè-kù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦54,000. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ àpò tí a kọ̀ sì jẹ ₦4,000 nínú rẹ̀. ₦50,000 ni ó kù. Bí a bá fi èyí pín ₦200,000, a ó rí 4. Bí a bá fi owó-orí sí i, ó di 4.3.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ó bá ná ₦60,000 fún ìbéèrè mẹ́wàá náà, ẹ̀rọ yóò kọ 3.33, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ₦64,500 ni ó jáde lápò rẹ̀. ₦50,000 péré ni ó ní láti fi dí i. Ó ti pàdánù ₦14,500. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ní kíákíá kí ó fi iye tí ó wọ báǹkì ní oṣù kan wé iye tí ẹ̀rọ kọ.

Ojú-ìdọ́gba kì í ṣe àfojúsùn, nítorí a kò tíì san owó ilé-ìtajà àti owó ọmọ iṣẹ́. Bí oníṣòwò wa bá fẹ́ kí ₦2,000 kù lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ₦3,000 ni ó kù fún ìpolówó nínú ₦5,000 tí ìbéèrè kan ń mú wá. Bí a bá yọ owó-orí, ó jẹ́ nǹkan bí ₦2,790. Àfojúsùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 7.2. Bí ọjà rẹ̀ kò bá lè dé ibẹ̀, iye ọjà tàbí owó ọkọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Gbogbo ìgbà tí iye-ìtà bá yí padà ni a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí ó bá dín ìdá 10 nínú 100 kúrò nígbà ọdún, àpò di ₦18,000, ṣùgbọ́n ìnáwó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà yí padà. Èrè-kù já sí nǹkan bí ₦4,000. Ojú-ìdọ́gba ti fò láti 3.33 sí 4.5, kí a tó ka owó-orí àti àpò tí a dá padà.