Ìbéèrè Kan Náà fún Gbogbo Wọn: Bí Ìpínrọ̀ Gígùn Ṣe Ń Di Àtẹ

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí ìròyìn onígbáméjì sì ń jà ràn-ìn, ìwé pélébé lórí omi mímu kì í wọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ ṣe kò ju kí wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta wé ara wọn: kéèyàn se omi, kó bu kiloríìnì sí i, tàbí kó tẹ́ ẹ sóòrùn. Irú ìpínrọ̀ tó sábà máa ń wà nínú wọn nìyí:

"Síse omi ni ọ̀nà tó dájú jù, torí pé bó bá ti hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kòkòrò àrùn ti kú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ gáàsì. Kiloríìnì kò wọ́n, ó sì tún ń dáàbò bo omi náà lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, àmọ́ ó yẹ kéèyàn ní sùúrù díẹ̀ kó tó mu ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan kò fẹ́ràn òórùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìkankan nínú méjèèjì lè rọ omi sínú ike tó mọ́ gaara, kó tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí mẹ́fà. Omi tó bá rú kò dára fún èyí, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ sẹ́ ẹ."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò obìnrin kan tó fa omi kànga lọ́sàn-án, tí omi náà rí bí omi ẹ̀kọ, tó sì fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe. "Omi tó bá rú kò dára fún èyí." Èyí wo? Ṣé oòrùn nìkan ni, àbí kiloríìnì náà wà níbẹ̀? Sùúrù díẹ̀ tí wọ́n ní kó ní, ṣé ìṣẹ́jú márùn-ún ni àbí wákàtí kan? Ó di dandan kó tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè, kó kó ìdajì gbólóhùn kan pọ̀ mọ́ ìdajì òmíràn lọ́kàn ara rẹ̀.

Ohun tí Patricia Wright àti Fraser Reid fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973 nìyẹn. Wọ́n gbé àlàyé kan náà kalẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà, ìpínrọ̀ gígùn, gbólóhùn kéékèèké, àwòrán onígi tó ní ẹ̀ka, àti àtẹ, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn fi wọ́n yanjú ìṣòro. Ìpínrọ̀ gígùn ló pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn, òun náà ló sì mú kí wọ́n ṣì í jù. Àlàyé tó wà nínú rẹ̀ pé, àmọ́ olùkà ló ń ṣe iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ì bá ti ṣe fún un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí a gé ọ̀rọ̀ kù ni àtẹ wà fún. Wọn a fa ìlà, wọn a gé ìpínrọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn a da ègé kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kan, ó di àtẹ. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kì í sàn ju ìpínrọ̀ tó ti wá lọ. Iṣẹ́ gidi ni kí a wá àwọn ìbéèrè tí ìpínrọ̀ náà ń dáhùn láìpè é ní ìbéèrè, kí a wá bi ohun kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìbéèrè náà pátá. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ń di òpó, ìyẹn àwọn àpótí tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ fi wé òmíràn ló ń di ìlà, láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò, ká fà á sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ omi yẹn. "Ìṣẹ́jú kan," "sùúrù díẹ̀" àti "wákàtí mẹ́fà" ń dáhùn ìbéèrè kan náà: báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? "Gáàsì," "kò wọ́n" àti "ike tó mọ́ gaara" wà nítòsí ara wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ìdáhùn kan náà. Ohun èlò ni méjì, owó ni ọ̀kan. "Ń dáàbò bo omi" dá dúró fún kiloríìnì nìkan. Òórùn náà dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi tó rú rọ̀ mọ́ oòrùn nìkan.

Ibi tí àtẹ ti ń tú àṣírí nìyí. Bí a bá fa òpó kan tí a kọ "Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀" sí lórí, kiloríìnì ní ìdáhùn, àpótí síse àti ti oòrùn ṣófo. Nínú ìpínrọ̀, kò sẹ́ni tó máa fura pé nǹkan kan sọnù, torí gbólóhùn kan ń fa èkejì lọ́wọ́ ni. Nínú àtẹ, àpótí òfìfo ń wo òǹkọ̀wé lójú. Ó gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn lọ, ìdáhùn náà sì ṣe pàtàkì gan-an: omi tí a sè, tó tutù, kò ní ohunkóhun nínú tó máa pa kòkòrò tuntun bí ọmọdé bá ti ife ìdọ̀tí bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí oòrùn pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni tó ka ìpínrọ̀ yẹn nìkan lè rò pé "ọ̀nà tó dájú jù" ń dáàbò bò ó di ọ̀la.

Kí a má ṣe fi àmì kékeré di àpótí tó ṣófo lásán o. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá kan ohun tó wà ní ìlà yẹn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kàn án.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà. Ẹnì kan lè ní kí a fi òpó kan kún un fún kẹ́míkà, bí oògùn apakòkòrò oko tàbí epo bẹntiróò tó dà sínú kànga. Ìdáhùn rẹ̀ dọ́gba lórí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò sí èyí tó ń mú un kúrò. Òpó tí gbogbo àpótí rẹ̀ bá ń sọ ohun kan náà kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Kí a kọ ọ́ ní gbólóhùn kan sísàlẹ̀ àtẹ. Òórùn kiloríìnì náà, abẹ́ àtẹ ló yẹ ẹ́, torí òun nìkan ló kàn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló wá le jù. "Ìṣẹ́jú 1" àti "ìṣẹ́jú 30" rọrùn láti kọ sórí ara wọn, ẹni tó bá sì wò wọ́n á ní síse ló yá jù. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan yẹn kò ka ìgbà tí omi wà lórí iná kó tó hó, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ìgbà tó ń tutù. Ẹni tó béèrè iye kóńgò gàrí kan lọ́wọ́ ìyá kan, tó wá béèrè iye àpò kan lọ́wọ́ ìyá kejì, kò tíì mọ ọjà ta ló wọ́n. Nítorí náà, kí àpótí kọ̀ọ̀kan sọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, kí gbogbo wọn sì sọ ọ́ lọ́nà kan náà: iye ìṣẹ́jú tàbí wákàtí ṣáájú, "láti ìgbà tí" tẹ̀ lé e. Bí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn bá dọ́gba, ojú kò ní tún un kà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló máa lọ tààrà. Bí àpótí kan bá ní "ó yá," tí èkejì ní "ìṣẹ́jú 30," tí ẹ̀kẹta ní "kò dára bí òjò bá ń rọ̀," ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sọ, kò sì sí èyí tí a lè fi wé èkejì.

Bí àtẹ náà ṣe rí rèé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀:

| Ọ̀nà | Ohun tí ẹ nílò | Àkókò | Bí omi bá rú | Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Síse | Ìkòkò àti iná | Ìṣẹ́jú 1, láti ìgbà tó bá hó dáadáa | Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó gbé e kaná | Kò ní ààbò. Ẹ dé e pa |
| Kiloríìnì | Oògùn kiloríìnì àti ohun ìwọ̀n | Ìṣẹ́jú 30, láti ìgbà tí ẹ bá rò ó pọ̀ | Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó da oògùn sí i | Ó ní ààbò. Ẹ dé e pa |
| Oòrùn | Ike tí kò láwọ̀, tí kò ju lítà 2 lọ, àti oòrùn | Wákàtí 6, láti ìgbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ sóòrùn | Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó rọ ọ́ sí ike | Kò ní ààbò; ẹ mu ún láti inú ike náà |

Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò bá àpótí mu yóò wà. Ìwọ̀n kiloríìnì kò dọ́gba, ara ìgò rẹ̀ ni kí a ti kà á. Kòkòrò kan wà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tí kiloríìnì kì í ká, iná ló ń pa á. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ 2 ni ike yóò fi wà níta. Bí òjò bá ń rọ̀ láìdá, kí a lo ọ̀nà mìíràn. Kí a sì tó gbé ike náà sóòrùn, kí a gbé e nàró lórí àkọlé ìwé ìròyìn, kí a wo ó láti ẹnu ike dé ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà àkọlé náà kò bá ṣeé kà, omi náà ṣì rú jù.

Kò sí ohun tó sọ pé a kò lè yí àtẹ náà padà, kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òpó, kí ìbéèrè di ìlà. Ṣùgbọ́n A. S. C. Ehrenberg, onímọ̀ ìṣirò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní 1977 pé kí iye tí a fẹ́ fi wé ara wọn wà lórí ara wọn nínú òpó kan, torí ojú tètè ń rí ìyàtọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ ju láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 30, wákàtí 6: bí wọ́n ṣe tò yẹn ló yẹ.

Ẹnì kan á sì béèrè pé álọ́ọ̀mù dà. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lò ó, ó sì jọ pé kí a fi ṣe ìlà kẹrin. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kò ní bọ́ sí i. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi tòrò ni, a kò lè fọkàn tán an láti pa kòkòrò, nígbà tó jẹ́ pé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù ń pa á. Ẹni tó bá rí i láàárín wọn á rò pé ó lè rọ́pò wọn, àṣìṣe tó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn sì ni. Inú òpó "Bí omi bá rú" ni àyè rẹ̀ wà, pẹ̀lú sísẹ́, ṣáájú síse tàbí kiloríìnì.

Àtẹ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí omi tó rú fi ń sọ kiloríìnì di aláìlágbára, ìpínrọ̀ ló máa ṣe ìyẹn. Nínú iṣẹ́ Wright àti Reid kan náà, nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ohun tó wà lórí wọn dáhùn, àǹfààní àtẹ dín kù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìlera, ẹ lẹ àtẹ mọ́ ògiri níbi tí omi wà, kí ẹni tó fẹ́ lò ó lè máa wò ó. Ẹni tó máa gbọ́ ọ lórí rédíò, gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ni kí ẹ fún un.