Páálí tó sọnù àti lẹ́tà tí kò bú ẹnikẹ́ni

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ló gbé lẹ́tà kan wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2025. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kó ta wọ́n lára." Ojú ìwé mẹ́ta ni. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí: "Ẹ̀yin olè, ẹ̀yin ọ̀dájú, ẹ ò ní fi owó mi jẹun ire."

Oníbàárà rẹ̀ kan ní Àbújá ló ní kó rán aṣọ òfì mẹ́rin fún ìgbéyàwó tí ìdílé òun fẹ́ ṣe lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta. Ó lọ ra òfì ní Ìsẹ́yìn, ó rán aṣọ náà, ó dì í sínú páálí, ó fi gọ́ọ̀mù téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Ní Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta, ó gbé e lọ sí gáréèjì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Ìwó Roodù, ó san ₦6,500 owó wébíìlì, wọ́n já ìwé pélébé kan fún un. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà dé gáréèjì wọn ní Jábì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Bó bá pe Ìbàdàn, wọ́n á ní ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Bó bá pe Àbújá, wọ́n á ní kò tí ì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù títí ìgbéyàwó fi kọjá. Ó dá ₦180,000 padà fún oníbàárà, ó sì jókòó kọ ojú ìwé mẹ́ta.

Mo ti jókòó rí nídìí tábìlì tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń dé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn, lẹ́tà àwọn tí ẹrù wọn sọnù sì wà lára ohun tí wọ́n ń dà sórí tábìlì mi láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí a ṣe ń kà wọ́n. Nọ́ńbà wébíìlì ni ojú wa kọ́kọ́ máa ń wá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí ìwé tí a lè ṣí. Lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan pé ká pe ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni yóò sì sùn sí. Èyí tó bá fi èébú bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ní ká gbé e fún lọ́yà. Lọ́yà kì í wá ẹrù. Ẹni tí a bá pè lólè, àwíjàre ni yóò máa wá, kò ní wá páálí kankan mọ́.

Ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí ẹrù ń gbà, torí òun ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀dà mẹ́ta ni wébíìlì: ọ̀kan fún ẹni tó ń fẹrù ránṣẹ́, ọ̀kan lára ẹrù, ọ̀kan nínú ìwé tó wà ní gáréèjì. Akọ̀wé tó gba ẹrù á buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n á to nọ́ńbà wọn sínú ìwé kan, dẹ́rẹ́bà á buwọ́ lù ú pé òun gbà wọ́n. Bí ọkọ̀ bá dé, akọ̀wé ibẹ̀ á kà wọ́n, òun náà á buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ín á wá, á fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, á buwọ́ lù ú, á gbé e lọ. Ìbuwọ́lù mẹ́rin nìyẹn. Ẹrù kì í kàn dédé pòórá. Àárín ìbuwọ́lù méjì ló máa ń sọnù sí, iṣẹ́ lẹ́tà sì ni láti bi wọ́n pé àárín èwo ni.

Mo wá mú bírò, mo ní kí a ka lẹ́tà rẹ̀ pọ̀, ká fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun tí akọ̀wé lè lò. Ojú ìwé kìn-ín-ní, a ò rí nǹkan kan fàlà sí. Ní ojú ìwé kejì, a rí ọjọ́ tó gbé ẹrù lọ àti nọ́ńbà wébíìlì, tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò kà á sí. Ìgbà tí a dé ojú ìwé kẹta ni mo pariwo. Láàárín èpè méjì, ó kọ ọ́ pé ní ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta, ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní Jábì sọ fún òun pé, "Ó dà bíi pé wọ́n ti wá gbé e," kó tó yí ohùn padà pé kò tí ì dé.

Mo ní, "Ìwọ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ló ju gbogbo ìyókù lọ?"

Ó ní, "Irọ́ ló ń pa ni mo ṣe kọ ọ́."

Bóyá irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé páálí dé Àbújá, a jẹ́ pé ìbuwọ́lù kẹrin wà níbì kan, ti ẹlòmíì ló sì wà níbẹ̀. Ìbínú ló bo ẹ̀rí tó lágbára jù mọ́lẹ̀. A lọ wo fóònù rẹ̀, ìpè náà ṣì wà níbẹ̀: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Owó la fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé lórí. Mílíọ̀nù méjì náírà ló kọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣírò rẹ̀, ó ní, "Ìtìjú ńkọ́? Oníbàárà tí mo pàdánù ńkọ́?" Mi ò sọ pé ìtìjú kì í ṣe nǹkan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé máníjà lè buwọ́ lu owó tí rìsíìtì wà fún láì bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì tí kò ní ẹ̀rí, lọ́dọ̀ lọ́yà náà ló tún ń padà lọ. Ẹ̀rí tó ní dáa: bánkì rẹ̀ fi hàn pé oníbàárà san ₦180,000 wọlé, ó sì fi hàn pé ó dá a padà. Fi owó wébíìlì kún un, ó di ₦186,500. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó ni pé lórí wébíìlì, "aṣọ" nìkan ló kọ, ó fi àyè tí wọ́n ní kó kọ iye owó ẹrù sí sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á fi owó kún owó. Bí ẹrù bá sọnù, ilé-iṣẹ́ á ní àwọn ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí bánkì fi gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà lọ.

Lẹ́tà tuntun náà kò gba ju ojú ìwé kan lọ. Òyìnbó la fi kọ ọ́ torí ọ́fíìsì wọn l'Ékòó, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí:

"Sí Máníjà Ẹ̀ka Ẹrù. 24 oṣù Kẹta, 2025.

Wébíìlì nọ́ńbà 04417, Ìbàdàn sí Àbújá: ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá páálí padà, tàbí kí ẹ san ₦186,500.

Ní 6 oṣù Kẹta, mo fi páálí kan lé yín lọ́wọ́ ní Ìwó Roodù. Aṣọ òfì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí dé Jábì ní ọjọ́ 7, wọn kò fún un. Ní ọjọ́ 10, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin òwúrọ̀, òṣìṣẹ́ yín ní Jábì sọ fún mi lórí fóònù pé ó dà bíi pé wọ́n ti wá gbé e. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wébíìlì kò gbé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé ìgbẹrù Jábì láti ọjọ́ 7 sí 10, kí ẹ sọ fún mi ẹni tó buwọ́ lùwé gba nọ́ńbà yìí, àti káàdì ìdánimọ̀ tó fi hàn.

Bí ẹ kò bá rí páálí náà, mo ń béèrè ₦180,000, iye tí mo ta aṣọ náà tí mo sì ti dá padà, àti ₦6,500 owó wébíìlì. Ẹ̀dà wébíìlì àti ẹ̀rí bánkì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin tó kọjá. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, n ó kọ̀wé sí FCCPC, n ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù gbèsè kéékèèké l'Ékòó."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. FCCPC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kóòtù gbèsè kéékèèké bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2018. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ènìyàn lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láì gba lọ́yà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé béèrè owó náà kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ń ka irú lẹ́tà yìí ní olú ọ́fíìsì mọ̀ pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ti wáyé nìyẹn. Ìbínú àbúrò wa kò lọ síbì kankan o. Inú ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ló wọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè é. Wọ́n ti ṣí ìwé Jábì. Ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ti oníbàárà ló gbé páálí náà ní ọjọ́ 8, akọ̀wé kò sì kọ nọ́ńbà káàdì kankan síwájú rẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn á san ₦65,000, ìlọ́po mẹ́wàá owó wébíìlì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà. Mo yí ìwé náà padà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà.

Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní irú ọ̀rọ̀ tó ń dín ẹrù-iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kù báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ pe àfiyèsí oníbàárà sí i kedere. Kò sẹ́ni tó pe tirẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ló fi dá wọn lóhùn: wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé náà hàn án nígbà tó sanwó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù yìí kò sì sọnù lójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ wọn ló fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láì wo káàdì.

Kó tó di ọjọ́ 7, owó wọlé: ₦180,000 géérégé. Ó pè wọ́n pé ₦6,500 ṣì kù. Wọ́n ní àwọn ò ní san ìyẹn, páálí náà ṣáà dé Àbújá.