Ilé tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ: bí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe lo kọnkéré lé oòrùn, tó sì fi sọ̀rọ̀ òṣèlú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì gba ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn kọjá, á rí ilé tó jọ pé wọ́n kọ́ lódìlódì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, òkè rẹ̀ fẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, èyí tó wà lókè ìyẹn tún yọ jù ú lọ. Ó rọrùn láti rò pé àrà lásán ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ fẹ́ dá. Àmọ́ iṣẹ́ méjì ni ilé náà ń ṣe. Ó ń lé oòrùn àti òjò sẹ́yìn, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà fẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ní kété tí òmìnira dé.

Ti oòrùn la ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ìrísí ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ooru ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ooru ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Kánò, ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń gba ooru ọ̀sán sára, kò ní jẹ́ kó tètè wọlé, nígbà tó bá sì fi máa tú u sílẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù ti mú. Ní Ifẹ̀, òru ò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ọ̀sán lọ, pàápàá lásìkò òjò, omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ògiri tó bá gba ooru sára lọ́sàn-án níbí, ara ẹni tó ń sùn ló máa tú u sí lóru. Ohun tó ń tu ara lára ní tiwa ni atẹ́gùn tó bá fẹ́ lu òógùn. Nítorí náà, ohun méjì péré ni ilé tó bá fẹ́ tutù láìlo iná gbọ́dọ̀ ṣe: kó má jẹ́ kí oòrùn kan ògiri àti fèrèsé, kó sì jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí oòrùn á gbà wọlé? Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi máa ń wà ní àárín orí gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án. Lóṣù kẹfà, á tẹ̀ sí àríwá díẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Lóṣù kejìlá, á tẹ̀ sí gúúsù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ká ní wọ́n fa kọnkéré jáde ní mítà 1 lókè ògiri tó kọjú sí gúúsù. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kejìlá, tí oòrùn tẹ̀ sí gúúsù jù, òjìji rẹ̀ á bo nǹkan bíi mítà 1.7 lára ògiri yẹn. Tí ògiri bá wá ga tó mítà 3, kọnkéré náà gbọ́dọ̀ yọ síta tó mítà 1.8 kó tó lè bò ó tán. Lápá àríwá, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí lóṣù kẹfà, mítà 1 yẹn á bo ju mítà 3 lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé kọnkéré kan náà sára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo inú yàrá tààrà, mítà 1 yẹn ò sì ní bo ju ìdajì mítà àti díẹ̀ lọ.

Ìṣirò yìí ló bí òfin àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń kọ́lé nílẹ̀ olóoru. Ilé gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú tó kọjú sí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má ní fèrèsé púpọ̀. Ẹni tó bá ti gbé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn rí ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ká sọ tòótọ́, ìmọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tọkọtaya òyìnbó kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé rẹ̀ fún. Wọ́n kọ́ ilé tín-ín-rín tí atẹ́gùn lè gbà já, wọ́n fi fàràńdà yí i ká, wọ́n sì fi ògiri oníhò ṣe aṣọ fún ilé ìkàwé. Ilé náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ ìjọba amúnisìn ló pe àwọn ayàwòrán yẹn wá, ọ̀dọ̀ òyìnbó sì ni wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́ àti ẹni tí wọ́n máa kọ́ ọ fún. Ìdíwọ̀n oòrùn ò mọ amúnisìn yàtọ̀ sí ẹni òmìnira. Ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ni ìtumọ̀ ilé ń tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ni ti Ifẹ̀ ti yàtọ̀. Lọ́dún 1959, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Sir Eric Ashby láti sọ irú ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà nílò. Nígbà tí àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde lọ́dún 1960, kò sí yunifásítì tí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn máa dá ní fúnra rẹ̀ nínú àmọ̀ràn wọn. Dókítà Sànyà Ọ̀nàbámirò, tó ń ṣojú Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ò fara mọ́ ọn, ó kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba ẹkùn náà ò sì dúró gba àṣẹ. Wọ́n ṣòfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 1961. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1962, ní ọgbà onígbà díẹ̀ kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1967.

Ìlú tí wọ́n yàn fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Inú Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tó ń ṣèjọba ẹkùn náà ti jáde. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí ọgbà Ifẹ̀, orúkọ Odùduwà ni wọ́n fún un. Kò sí ẹni tí ìyẹn ò yé.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún náà sọ̀rọ̀. Wọn ò padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ará Ísírẹ́lì ni wọ́n lọ pè, Arieh Sharon, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus nílẹ̀ Jámánì, tó sì ṣe olórí àwọn tó ya ètò ìlú fún Ísírẹ́lì nígbà tí orílẹ̀-èdè yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lọ́dún 1948. A. A. Egbor, ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó bá a ṣe é. Ísírẹ́lì ń wá ọ̀rẹ́ kiri ní Áfíríkà nígbà yẹn, ó ń fi ara rẹ̀ hàn bí orílẹ̀-èdè tuntun tó lè kọ́ orílẹ̀-èdè tuntun mìíràn níṣẹ́. Ìwọ̀ Oòrùn náà ń wá ẹni tí kò ní jọ ọ̀gá àná. Ọ̀rẹ́ onífà-mí-n-fà-ọ́ ni. Àwọn olórí Àríwá ò fẹ́ràn àjọṣe náà rárá, Nàìjíríà sì gé e lọ́dún 1973, àmọ́ púpọ̀ nínú ilé Ifẹ̀ ti dúró kó tó dìgbà yẹn.

Kí wá ni Sharon ṣe tó yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn? Ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ ilé tán kí wọ́n tó so ìbòòji mọ́ ọn lára. Ní Ifẹ̀, ilé gan-an ló di ìbòòji. Yàrá òkè ni etí òrùlé fún yàrá ìsàlẹ̀, bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀ sí i, òrùlé ló wá ń bo èyí tó wà lókè pátápátá. Èrè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn nìkan. Tí òjò bá ń rọ̀, omi tó bọ́ láti òkè á jìnnà sí fèrèsé ìsàlẹ̀, wọn ò sì ní láti tì í. Àwọn tó ti jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ torí òjò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí atẹ́gùn àti èèyàn lè máa kọjá.

Kò ṣàì ní ìṣòro tirẹ̀. Kọnkéré tó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀ máa ń fẹ́ fà ya láti òkè, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ bíi ti kọnkéré tí òpó gbé lápá méjèèjì. Irin tó lágbára jù gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí rẹ̀, òkè yẹn gan-an sì ni omi òjò máa ń dúró sí. Tí omi bá rí ojú ihò wọlé, irin á dógùn-ún, á wú, á sì ti kọnkéré kúrò lára rẹ̀. Àmì rẹ̀ ò fara sin: omi aláwọ̀ pupa tó ń ṣàn sílẹ̀ lára ògiri, ìlà tó là tẹ̀ lé ibi tí irin gbà, lẹ́yìn náà kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ògiri tó kàn dúdú torí òjò ọ̀pọ̀ ọdún ò tíì fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àwọ̀ pupa ni kí wọ́n máa ṣọ́.

Èyí tó le jù ni pé ilé tí wọ́n kọ́ fún atẹ́gùn ò ṣeé bá ẹ̀rọ amúlétutù gbé pọ̀. Kí òtútù ẹ̀rọ má bàa sá jáde, wọ́n á fi pákó dí ojú lúfà, wọ́n á mọ búlọ́ọ̀kù dí àyè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ kọ́ síta ògiri. Tí iná bá wà, yàrá yẹn á tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká má parọ́. Tí iná bá lọ, ó di àpótí, torí ọ̀nà méjèèjì tí atẹ́gùn ń gbà ti dí. Ẹni tó wà ní yàrá kejì tún ń jìyà rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀rọ ń tú jáde ló ń gba fèrèsé tirẹ̀ wọlé.

Àjọ Getty Foundation láti Amẹ́ríkà ti fún yunifásítì náà lówó láti ṣètò bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú ilé wọ̀nyí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí kíka ohun tó kù: lúfà wo ló ṣì ń ṣí, ojú atẹ́gùn wo ni wọ́n ti dí, ta ló sì dí i, torí kí ni. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa le jù níbẹ̀, torí ẹni tó dí fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìdí tó fi ṣe é, ooru sì mú un lóòótọ́.